Mo ti dé OOP Max mi fún ọdún 2025, kí ló dé tí bíìlì ṣì ń wọlé?

Ìyá Ìbejì, Àtìláńtà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo ní ìbéèrè kan lórí ìnṣọ́ránsì ìlera ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́. Ibi iṣẹ́ ọkọ mi ni ìnṣọ́ránsì wa ti wá. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san dìdọ́ktíbù 3,000 dọ́là lọ́dún, pé lẹ́yìn náà a ó máa san ìdá 20 nínú 100 owó ìtọ́jú, àti pé OOP Max, ìyẹn òpin iye tó lè ti àpò wa jáde láàárín ọdún, jẹ́ 7,500 dọ́là fún ẹnì kan àti 15,000 fún gbogbo ìdílé.

Ní oṣù kẹjọ, mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ọrùn ẹsẹ̀ mi sì kán. Áńbúláǹsì ló gbé mi dé ilé ìwòsàn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ àti skúrù dè é. Nígbà tó yá, mo wo ojú ewé ìnṣọ́ránsì wa lórí ayélujára, mo sì rí i pé wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti dé 7,500. Mo rò pé ìnáwó ti tán fún ọdún yìí nìyẹn. Àmọ́ láti ìgbà náà, bíìlì mẹ́ta ni ó ti wọlé: ti dókítà akunnilóorun, 2,900 dọ́là; ti áńbúláǹsì, 750; ti fisiotẹ́rápì, 660. Wọn kò sì dẹ́kun yíyọ 412 dọ́là lóṣooṣù nínú owó oṣù ọkọ mi. Kí wá ni ìwúlò òpin náà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ Ìbàdàn, Híúsítọ̀n

Ẹ kú ewu, Ìyá Ìbejì, Olúwa yóò wo ẹsẹ̀ náà sàn. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yé èmi nìyí: bí èèyàn bá ti dé òpin yẹn, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ìtọ́jú títí ọdún yóò fi parí, dókítà yòówù kí ó lọ bá. Nítorí náà, ẹ má tètè san kọ́bọ̀ fún áńbúláǹsì tàbí fisiotẹ́rápì. Ti dókítà akunnilóorun nìkan ni mo rò pé ẹ kò lè bọ́ nínú rẹ̀, nítorí wọ́n máa ń fún èèyàn ní ìwé fọwọ́ sí ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ẹni tó bá sì ti fọwọ́ sí i ti gbà láti san. Ohun kan tún wà tí ẹ óò yẹ̀ wò. Ẹ̀yin mélòó ló wà lórí ìnṣọ́ránsì náà? Bí ẹ bá ju ẹnì kan lọ, ó jọ pé 15,000 ti ìdílé ni òpin tiyín, ìdajì rẹ̀ péré ni ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Àǹtí Oníbíìlì

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ́fíìsì bíìlì ilé ìwòsàn ni mo ti ń jẹun láti ọjọ́ pípẹ́, irú ìbéèrè yìí kì í sì í tán níbẹ̀. Kí ẹ tó san ohunkóhun, ẹ bá mi wá ìwé tí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fi ránṣẹ́ lórí iṣẹ́ abẹ náà jáde, èyí tí wọ́n kọ EOB sí lórí. Kì í ṣe bíìlì ilé ìwòsàn ni mò ń bèèrè o. Lórí EOB, iye mẹ́ta ni kí ẹ kọ fún mi: iye tí ilé ìwòsàn bèèrè, iye tí àdéhùn wọn pẹ̀lú ìnṣọ́ránsì fọwọ́ sí, àti iye tí wọ́n ní ó kàn yín.

Ọmọ Ìbàdàn, ti òpin ìdílé yẹn kò rí bí o ṣe sọ ọ́. Láti ọdún 2016 ni ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé kódà bí èèyàn mẹ́fà bá wà lórí ìnṣọ́ránsì kan, owó tí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn yóò san láàárín ọdún kò gbọdọ̀ kọjá òpin tí ìjọba fi lélẹ̀ fún ẹnì kan. Fún ọdún 2025, òpin ti ìjọba jẹ́ 9,200 dọ́là fún ẹnì kan àti 18,400 fún ìdílé. Ilé-iṣẹ́ lè fi tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ iye yẹn bó ṣe rí nínú ti Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n kò lè gbé e kọjá ibẹ̀. Bí Ìyá Ìbejì bá ti dé 7,500, òun ti dé òpin tirẹ̀, ì báà jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ àti àwọn ìbejì kò tíì fojú kan dókítà lọ́dún yìí. Ohun tí 15,000 wà fún ni pé bí àìsàn bá mú ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé lọ́dún kan náà, tí àpapọ̀ ohun tí wọ́n san sì dé 15,000, gbogbo ilé ti dé òpin nìyẹn, títí kan àwọn tí kò tíì dé 7,500 tiwọn.

Ará Ìkẹjà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo wà ní Èkó dá sí i díẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Ìbejì kò ṣàjèjì sí wa níbí. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ìlera tí ibi iṣẹ́ mi ń lò náà ní òpin ọdọọdún. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó mi, wọ́n ní owó iṣẹ́ abẹ ti kọjá iye tó wà nínú ètò wa, èmi ni mo sì fi owó ara mi san ìyókù kí wọ́n tó jẹ́ kí a kúrò ní ọsibítù. Èrò mi ni pé Ìyá Ìbejì ti lo ìnṣọ́ránsì rẹ̀ tán fún ọdún yìí, àfi kó máa dá san títí ọdún tuntun yóò fi dé.

Àǹtí Oníbíìlì

Ará Ìkẹjà, ẹ kú ìnáwó ìyàwó. Òdìkejì rẹ̀ ni ti ibí. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni òpin tiyín ń dáàbò bò: bí wọ́n bá ti ná iye báyìí, wọ́n dúró, aláìsàn yóò sì máa san lọ. Aláìsàn ni òpin tí à ń sọ níbí ń dáàbò bò: bí aláìsàn bá ti san iye báyìí, òun ló dúró, ilé-iṣẹ́ ni yóò máa san lọ. Irú òpin tiyín wà ní Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 2014 ni òfin ti ká ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kò, tí wọn kò lè fi òpin owó ọdọọdún sí àwọn ìtọ́jú pàtàkì mọ́. Ọdún kan náà ni òpin ti aláìsàn bẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ́ 6,350 dọ́là fún ẹnì kan nígbà náà.

Ìyá Ìbejì, Àtìláńtà

Àǹtí, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti rí EOB náà. Ilé ìwòsàn bèèrè 68,000 dọ́là, ẹ̀rù sì bà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Iye tí àdéhùn fọwọ́ sí jẹ́ 31,000. Wọ́n ní ohun tó kàn mí jẹ́ 7,200. Ohun tí kò yé mi ni pé ilé ìwòsàn gba 5,000 lọ́wọ́ ọkọ mi kí n tó kúrò níbẹ̀, a kò sì tíì san 2,200 tó kù tán. Báwo ni ìnṣọ́ránsì ṣe wá ń sọ pé mo ti dé 7,500, nígbà tí owó tó ti ọwọ́ wa jáde kò tíì tó bẹ́ẹ̀?

Àǹtí Oníbíìlì

Ẹ ṣeun. Ó yé mi wàyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé 68,000 yẹn. Ilé ìwòsàn náà ní àdéhùn pẹ̀lú ìnṣọ́ránsì yín, àdéhùn sì sọ pé 31,000 ni wọn yóò gbà fún iṣẹ́ náà. 37,000 tó wà láàárín méjèèjì ti di ohun ìparẹ́ nínú ìwé wọn, wọn kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi yín ní kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Lára 31,000, dìdọ́ktíbù 3,000 kọ́kọ́ kàn yín. Ó ku 28,000. Ìdá 20 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 5,600. Bí òpin kò bá sí, 8,600 ni ẹ̀yin ìbá san. Ṣùgbọ́n EOB yín ní 7,200 ni, kì í sì í ṣe 7,500, èyí tó fi hàn mí pé ẹ ti san 300 ṣáájú ìgbà náà lọ́dún yìí, bóyá owó díẹ̀díẹ̀ tí ẹ ń san ní ọ́fíìsì dókítà tàbí ní ilé oògùn. 300 náà ti wọ inú ìṣirò, nítorí náà ìnṣọ́ránsì dá yín dúró ní 7,200, wọ́n sì san 23,800 tó kù fún ilé ìwòsàn.

Ní ti ìbéèrè yín kejì, kì í ṣe owó tó ti ọwọ́ yín jáde ni wọ́n ń kà. Iye tí EOB sọ pé ó kàn yín ni wọ́n ń kà, ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe ìwé ìtọ́jú náà parí, ì báà jẹ́ pé ẹ ti san án tàbí ẹ ṣì ń san án díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń kó ìdààmú bá àwọn èèyàn jù lọ ní ọ́fíìsì wa nìyí. Bí ìwé ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ lé, kì í ṣe bí ìtọ́jú ṣe tẹ̀ léra. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tọ́jú yín lọ́jọ́ kìíní fi ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ìnṣọ́ránsì sì san gbogbo rẹ̀ fún un nítorí ẹ ti dé òpin nígbà náà. Ó sì ṣeé ṣe kí ìwé méjì kọjá lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ yín kọjá 7,500. Bí ẹ bá ro ohun tó kàn yín lórí gbogbo EOB ọdún yìí pọ̀, tó sì ju 7,500 lọ, ẹ ní kí wọ́n tún ìwé tó kẹ́yìn ṣe.

Ó kan àwọn bíìlì mẹ́ta yẹn.

Dókítà akunnilóorun. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé dókítà náà kò sí nínú àdéhùn ìnṣọ́ránsì yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwòsàn wà níbẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022 sọ pé irú dókítà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà ju ohun tí dókítà tó wà nínú àdéhùn yóò gbà lọ́wọ́ yín lọ, àti pé ohun tó bá kàn yín nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú òpin yín. Ẹ̀yin sì ti dé òpin. Ohun tó kàn yín kò ju òdo lọ. Ẹ má san án. Ẹ pe ìnṣọ́ránsì, kí ẹ ní kí wọ́n tún ìwé náà ṣe lábẹ́ òfin bíìlì òjijì, tí wọ́n ń pè ní No Surprises Act. Bí dókítà náà kò bá jáwọ́, ìjọba àpapọ̀ ní fóònù kan tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lórí: 1-800-985-3059.

Áńbúláǹsì. Ibi tí òfin yẹn ti já wa jù sílẹ̀ nìyí. Ó dáàbò bo ẹni tí ọkọ̀ òfurufú gbé lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò kan ọkọ̀ tó ń rìn lórí ilẹ̀. Bí mo bá mọ̀ ọ́n gbọ́, ìnṣọ́ránsì san iye tí wọ́n rò pé ó tọ́, àwọn oní-áńbúláǹsì sì kọ̀wé sí yín pé kò tó. Ìyókù yẹn wà níta òpin. Ẹ kò ní rí i nínú 7,500, bẹ́ẹ̀ ni kò ní wọ inú 15,000 ti ìdílé. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òfin tiwọn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ kì í sábà de ìnṣọ́ránsì tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń fi owó ara rẹ̀ san. Ẹ ní kí ọkọ yín bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀ irú èyí tí tiyín jẹ́. Kí ẹ tó mọ ìyẹn, n kò lè sọ bí yóò ṣe parí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó bá pè wọ́n, tó fi EOB hàn wọ́n, tó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín in kù, wọ́n máa ń dín in kù fún un nígbà mìíràn.

Fisiotẹ́rápì. Ẹ ṣí ìwé ètò ìnṣọ́ránsì yín, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ iye ìgbà tí èèyàn lè lọ lọ́dún. Ìgbà mélòó ni ẹ ti lọ?

Ní ti 412 tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù, ìyẹn kò ní í ṣe pẹ̀lú òpin rárá. Owó tí ẹ fi ń wà lórí ìnṣọ́ránsì ni, ẹ óò sì máa san án yálà ẹ ṣàìsàn tàbí ẹ kò ṣàìsàn. Bí ẹ bá dá a dúró, òpin náà lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Àtìláńtà

Àǹtí, ọgbọ́n yín pọ̀. Nǹkan tí ẹ sọ gan-an ló wà níbẹ̀. Ogún ìgbà ni wọ́n kọ sínú ìwé ètò wa, mo sì ti lọ ní ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìgbà mẹ́fà tó lé ni wọ́n gba 110 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ṣe fisiotẹ́rápì kò sọ fún mi pé ogún ti pé.

Àǹtí Oníbíìlì

Ó dùn mí pé wọn kò sọ ọ́. Lójú ìnṣọ́ránsì, ìgbà kọkànlélógún kì í ṣe ìtọ́jú tó wà nínú ètò mọ́, òpin sì ń ṣọ́ kìkì ohun tó bá wà nínú ètò. Bí wọ́n bá gbà 110 lọ́wọ́ yín ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, kò sí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ tí yóò wọ inú 7,500. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ìtọ́jú tó yẹ kí dókítà kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì, tí kò sì gbà á, àti fún eyín àti ojú àgbàlagbà, tó sábà máa ń wà lórí ìnṣọ́ránsì mìíràn. Ẹ lè kọ ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kí oníṣẹ́ abẹ yín sì fi lẹ́tà tì í pé ẹsẹ̀ náà kò tíì gbé yín dúró nígbà tí ogún pé. Ọgọ́sàn-án ọjọ́ ni ẹ ní láti ọjọ́ tí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ bá dé ọwọ́ yín. N kò ṣèlérí o. Ó ṣòro kí wọ́n yí iye tí wọ́n ti kọ sínú ètò padà.

Ọmọ Ìbàdàn, Híúsítọ̀n

Àǹtí, mo gbà fún yín lórí ti ìdílé. Ṣùgbọ́n ti ìwé tí èèyàn fọwọ́ sí kò tíì yé mi. Ìbátan mi kan níbí fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó sì san gbogbo rẹ̀. Òun náà ti dé òpin tirẹ̀ lọ́dún náà, ìnṣọ́ránsì sì sọ fún un pé owó dókítà yẹn kò kàn wọ́n. Kí ni ìyàtọ̀ tirẹ̀ sí ti Ìyá Ìbejì?

Àǹtí Oníbíìlì

Àbúrò, dókítà wo ni ìbátan rẹ lọ bá, ibo ló sì ti rí i?

Ọmọ Ìbàdàn, Híúsítọ̀n

Dókítà awọ ara ni, ní ọ́fíìsì dókítà náà fúnra rẹ̀. Òun ló yàn án nítorí wọ́n ní ó mọṣẹ́.

Àǹtí Oníbíìlì

Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Kì í ṣe pàjáwìrì, kì í ṣe ilé ìwòsàn tó wà nínú àdéhùn, òun fúnra rẹ̀ ló sì yan ẹni tí kò sí nínú àdéhùn. Òfin bíìlì òjijì kò dé ibẹ̀. Àwọn ìnṣọ́ránsì kan tilẹ̀ ní òpin mìíràn, tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, fún àwọn dókítà tó wà níta àdéhùn. Àwọn mìíràn kò ní i rárá, ìjọba kò sì fi dandan lé e. Kódà níbi tí òpin kejì bá wà, iye tí ìnṣọ́ránsì kà sí owó tó yẹ nìkan ló ń wọ inú rẹ̀. Ká ní dókítà awọ ara náà bèèrè 1,200, kí ìnṣọ́ránsì sọ pé 500 ló yẹ, 700 tó lé lórí kò sí nínú òpin kankan. Nítorí náà ohun tí o kọ́kọ́ sọ pé dókítà yòówù kí èèyàn lọ bá, ọ̀fẹ́ ni lẹ́yìn òpin, kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà tó wà nínú àdéhùn ni, fún ìtọ́jú tó wà nínú ètò.

Ní ti ìfọwọ́sí, àwọn dókítà kan wà tí òfin gbà láàyè láti fi ìwé bẹ aláìsàn pé kí ó yọ̀ǹda ààbò rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ fún un ṣáájú. Ṣùgbọ́n òfin yọ àwọn tí aláìsàn kì í sábà rí yan sẹ́yìn: akunnilóorun, ẹni tó ń wo fọ́tò egungun, ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara wò. Ìfọwọ́sí kò lè gba ààbò lọ́wọ́ aláìsàn lórí àwọn yẹn nínú ilé ìwòsàn tó ní àdéhùn. Kí Ìyá Ìbejì fọwọ́ sí ìwé mẹ́wàá, 2,900 yẹn kò tìtorí rẹ̀ di tirẹ̀.

Ọmọ Èkìtì, Niu Jásì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ti èmi kún un, nítorí òpin yìí náà ló kó mi sí wàhálà lọ́dún tó kọjá. Abẹ́rẹ́ kan ni mò ń gbà lóṣooṣù nítorí oríkèé ara tó ń wú. Ohun tó kàn mí lórí rẹ̀ jẹ́ 900 dọ́là lóṣù. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe abẹ́rẹ́ náà fún mi ní káàdì tó ń san 895, èmi sì ń san 5. Láti oṣù kìíní títí di oṣù kẹfà, mo rò pé 5,400 ti wọ inú òpin mi. Ní oṣù keje, káàdì náà tán, ilé oògùn sì ní kí n mú 900 wá. Nígbà tí mo pe ìnṣọ́ránsì, wọ́n ní 30 dọ́là péré ni àwọn kà fún mi, ìyẹn márùn-ún márùn-ún tí èmi fúnra mi san. Ṣé òfin gbà wọ́n láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀?

Àǹtí Oníbíìlì

Ọmọ Èkìtì, ẹ kú ìrora. Ọ̀rọ̀ tiyín ni kò tíì yanjú délẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ìpínlẹ̀ tó ju ogún lọ ti ṣe òfin pé kí ìnṣọ́ránsì ka owó káàdì bẹ́ẹ̀ mọ́ ti aláìsàn. Ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan fagi lé ìlànà tó fún àwọn ìnṣọ́ránsì láyè láti má kà á. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ètò ni wọ́n ṣì ń lò bí wọ́n ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀, pàápàá àwọn tí ilé-iṣẹ́ ń fi owó ara rẹ̀ san, tí òfin ìpínlẹ̀ kò dé. Ohun tí mo máa ń sọ fún èèyàn ni pé kí ó bèèrè kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì gbà á ní kíkọ: “Bí káàdì ilé-iṣẹ́ oògùn bá san án, ṣé ó ń wọ inú OOP Max mi?” Ẹni tó ń gbé fóònù lè dáhùn bó ṣe wù ú. Ìdáhùn tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ló ṣeé gbé lọ síwájú.

Bàbá Àgbà, Mérílàńdì

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Èmi ti lé ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, Mẹ́díkéà, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwa àgbà, ni mo sì wà lórí rẹ̀. Mo ti wá 7,500 yẹn tàbí 9,200 yẹn lórí káàdì pupa, funfun àti búlúù mi títí, n kò rí i. Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí?

Àǹtí Oníbíìlì

Bàbá, ẹ kú àgbà. Ẹ kò rí i nítorí pé kò sí níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó ṣe yín ní kàyéfì. Mẹ́díkéà ti ìjọba fúnra rẹ̀ kò ní òpin. Lọ́dún 2025, lẹ́yìn tí ẹ bá ti san 257 dọ́là àkọ́kọ́ fún àwọn dókítà, ìdá 20 nínú 100 ni ẹ óò máa san lórí ọ̀pọ̀ ìtọ́jú wọn, kò sì síbi tí ó ti dúró. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àgbà fi ń ra ìnṣọ́ránsì àfikún. Ẹni tó bá wà lórí Mẹ́díkéà tí ilé-iṣẹ́ aládàáni ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní Advantage, ní òpin: kò gbọdọ̀ kọjá 9,350 lọ́dún 2025 lọ́dọ̀ àwọn dókítà tó wà nínú àdéhùn. Ṣùgbọ́n oògùn inú ìgò tí ẹ ń gbà ní ilé oògùn kò sí nínú iye yẹn. Òpin tirẹ̀ dá dúró, 2,000 dọ́là ni lọ́dún 2025, ó sì kan yín náà bí ẹ bá ní ètò oògùn. Ètò wo ni ẹ ní fún oògùn, Bàbá?

Bàbá Àgbà, Mérílàńdì

Mo ní ọ̀kan, ọmọ mi obìnrin ló bá mi ṣe é. Ẹ ṣeun, n ó bi í nípa àfikún yẹn.

Ìyá Ìbejì, Àtìláńtà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo pe ìnṣọ́ránsì lórí ti akunnilóorun. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé fóònù ní kí n lọ san án. Mo sọ orúkọ òfin náà fún un bí Àǹtí ṣe wí, ó gbé mi fún ẹlòmíràn, ìyẹn sì gbà pé àwọn yóò tún ìwé náà ṣe. EOB tuntun ti wọlé lórí ayélujára: iye tó kàn mí jẹ́ òdo. Ti áńbúláǹsì ṣì wà nílẹ̀. Níbi iṣẹ́ ọkọ mi, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń san owó ìtọ́jú, nítorí náà mo rò pé òfin ìpínlẹ̀ kò lè ràn mí lọ́wọ́. A ti san ti fisiotẹ́rápì.

Ohun kan ló tún kù. Oníṣẹ́ abẹ mi fẹ́ yọ skúrù kan kúrò nínú ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì ti fún mi ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 2026. Ṣé òpin mi ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di ìgbà náà, nígbà tó jẹ́ pé àìsàn kan náà ni?

Ọmọ Ìbàdàn, Híúsítọ̀n

Ìyá Ìbejì, èyí ni mo mọ̀ dájú: ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni gbogbo rẹ̀ ń padà sí òdo. Kò sí ohun tó kan ìnṣọ́ránsì bóyá ẹsẹ̀ kan náà ni.

Àǹtí Oníbíìlì

Ọmọ Ìbàdàn gbà á lórí ẹsẹ̀ kan náà. Ọjọ́ ìtọ́jú ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí ó ṣubú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ètò ló ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní oṣù keje tàbí oṣù kẹwàá, nítorí náà ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé ètò yín ṣáájú.

Bí ó bá jẹ́ oṣù kìíní ni, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ báyìí. Bí wọ́n bá yọ skúrù náà kí oṣù kejìlá tó parí, nínú ilé ìwòsàn tó ní àdéhùn, ohun tó kàn yín jẹ́ òdo. Bí wọ́n bá yọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní, dìdọ́ktíbù 3,000 ti tún dúró dè yín, ìdá 20 yóò sì tẹ̀ lé e. Ká ní iye àdéhùn fún yíyọ rẹ̀ jẹ́ 5,000, ẹ óò san 3,400. Nítorí náà, ẹ pe ọ́fíìsì oníṣẹ́ abẹ lónìí, kí ẹ bèèrè bóyá egungun náà ti jọ tó kí wọ́n yọ ọ́ ní oṣù yìí, àti bóyá àyè wà. Dókítà ló mọ ìyẹn, ẹ má sì fi owó ṣíwájú ẹsẹ̀. Bí ó bá gbà, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì kí wọ́n tó mú ọjọ́, nítorí ìyọ̀ǹda lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí kò bá sì gbà á lè bá ara rẹ̀ níta òpin nínú oṣù kejìlá gan-an.

Ìyá Ìbejì, Àtìláńtà

Mo ti wò ó: ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni tiwa ń bẹ̀rẹ̀. Mo sì ti pè wọ́n. Àyè kan ṣoṣo ló kù, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejìlá, oníṣẹ́ abẹ sì fẹ́ kí n kọ́kọ́ ya fọ́tò ẹsẹ̀ náà ní ọjọ́ Ajé kó tó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìyọ̀ǹda náà.